Kókó Tán-án-ná Lára Àwọn Tí Ń Fi Ohùn Jẹun

"Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà," bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni kókó ṣe ń wọ ọ̀fun ẹni tí ó ń fi ohùn ṣiṣẹ́. Nínú ọjà Àjàmé àti ti Trẹ́ṣìfíìlì ní ìlú Àbíjàn, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ń tajà láti ìran dé ìran, ohùn òǹtajà gbọ́dọ̀ borí fèrè ọkọ̀ gbákà, orin tí ń ti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn jáde àti igbe àwọn ọmọ ọkọ̀ tí ń pe èrò. Ní ọdún 1911, Étienne Lombard, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ̀wé pé bí ariwo bá ti ń pọ̀ sí i létí ènìyàn ni ohùn onítọ̀hún náà ń ròkè, láìjẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é. Ìdí nìyí tí ìyálọ́jà tí ó ti pariwo láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ fi lè búra pé ọ̀rọ̀ lásán ni òun sọ lọ́jọ́ náà.

Tán-án-ná jẹ́ awẹ́ ẹran ara tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, tí awọ rírọ̀ bò, tí wọ́n dojú kọ ara wọn nínú gògóńgò. Bí èémí bá ti ń gòkè láti inú ẹ̀dọ̀fóró, wọn a máa pàdé, wọn a sì máa yà, ní nǹkan bí 100 sí 130 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan bí ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀, àti nǹkan bí 200 ìgbà bí ó bá jẹ́ obìnrin. Bí ohùn bá ti le tó ni ìkọlù yìí ṣe ń le tó, ibi tí ó sì ti ń dùn wọ́n jù ni ibi tí ìdá kan nínú mẹ́ta ti iwájú ti pàdé ti àárín. Ibẹ̀ ni awọ ti ń wú, tí ó sì ń yi, gẹ́gẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀ ṣe ń yi lára ẹ̀rúkọ́, títí yóò fi di kókó kékeré méjì tí ó kojú ara wọn, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì. Èyí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní nódúùlù, àwọn obìnrin ni ó sì wọ́pọ̀ lára wọn jù láàárín àwọn àgbàlagbà. Pólíìpù yàtọ̀ sí i. Apá kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wà, ó rọ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì máa wà nínú rẹ̀ nígbà mìíràn, nítorí pé igbe ńlá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ní pápá bọ́ọ̀lù tàbí nínú ìjà, lè bẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré kan nínú tán-án-ná, kí ojú ibẹ̀ sì wú di pólíìpù.

Ohùn òkè ni ó kọ́kọ́ ń sọnù. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán ara rẹ̀ wò lè fi ohùn òkè tín-ínrín, tí kò pariwo rárá, kọ orin rírẹ ọmọ kan ní ìdákẹ́jẹ́. Bí ohùn náà bá ń já, tàbí tí èémí kọ́kọ́ ń jáde kí ohùn tó tẹ̀ lé e, àmì wíwú ni, kódà bí ohùn ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ ṣì dá. Ṣùgbọ́n "ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni," kò sì sí ẹni tí ó lè fi etí mọ ohun tí ó wà lórí tán-án-ná ara rẹ̀. Ohùn tí ó bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn etí, imú àti ọ̀fun, tí yóò ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníkámẹ́rà gba ihò imú wo gògóńgò, nítorí pé ikọ́ ẹ̀gbẹ àti jẹjẹrẹ náà a máa mú ohùn há. Ẹni tí ó ń mu sìgá, ẹni tí ó ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀, ẹni tí kò lè gbé oúnjẹ mì dáadáa tàbí tí èémí ń nira fún, kò gbọdọ̀ dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe dípò kí wọ́n lọ rí oníṣègùn ni kí wọ́n máa jẹ orógbó àti atare, tàbí kí wọ́n máa lá súwíìtì olómẹ́ńtọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ "a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá." Ohunkóhun tí ènìyàn bá gbé mì, ọ̀nà oúnjẹ ni ó ń gbà lọ, kì í kan tán-án-ná; omi pàápàá, tí ó ṣàǹfààní gan-an, inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbà kí ó tó dé ibẹ̀. Ìmọ̀ràn rere nìkan kò sì tó. Ní ọdún 2002, olùwádìí Nelson Roy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pín àwọn olùkọ́ tí ohùn ń dà láàmú sí ọ̀nà mẹ́ta: wọ́n fún àwọn kan ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré tí wọ́n ń so mọ́ra, wọ́n kọ́ àwọn kan ní bí a ti ń tọ́jú ọ̀fun, wọ́n sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Àwọn tí ó gba ẹ̀rọ ni ó sàn fún; àwọn tí ó gba ìmọ̀ràn nìkan kò rí ìyàtọ̀ gidi.

Iṣẹ́ olùtọ́jú ohùn, tí àwọn ará Àbíjàn ń pè ní ọ́tófónísìtì, tí ilé ẹ̀kọ́ ìlera kan sì wà ní Lomé tí ó ń kọ́ni níṣẹ́ náà, ni láti yí ọ̀nà tí ohùn ń gbà jáde padà. Bí a bá fi ìyálọ́jà aláṣọ kan ní Àjàmé ṣe àpẹẹrẹ, tí wọ́n rí nódúùlù méjì ní ọ̀fun rẹ̀, olùtọ́jú yóò kọ́kọ́ béèrè bí ọjọ́ rẹ̀ ti ń lọ láti ìjí dé oorun, yóò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì ní kí ó fa "sss" títí èémí yóò fi tán, lẹ́yìn náà "zzz". Lára ẹni tí tán-án-ná rẹ̀ dá, iye kan náà ni méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Bí "sss" bá gba ìṣẹ́jú-àáyá 18, tí "zzz" kò sì ju 11 lọ, a jẹ́ pé tán-án-ná kò pàdé dáadáa, èémí sì ń jò.

Lẹ́yìn èyí ni sítírọ́ọ̀ yóò dé. Ìyálọ́jà yóò ti orí sítírọ́ọ̀ náà bọ omi inú ife, tí kò jìn ju ìka méjì lọ, yóò sì máa fi ohùn kùn "ùùù" gba inú rẹ̀, kí omi máa hó. Ìdí ni pé afẹ́fẹ́ tí kò ráyè jáde tán yóò padà ti tán-án-ná láti òkè, kò ní jẹ́ kí wọ́n kọlu ara wọn le, síbẹ̀ ohùn yóò dún. Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́, tó. Bí iṣan ọrùn bá ń yọ, tàbí tí omi ń hó ní ìdákúrekú, ó ń fi ipá ṣe é, kí ó sinmi. Bí èyí bá ti rọrùn, wọn yóò gbé e lọ sí kíkùn pẹ̀lú ẹnu pípadé, kí ó máa mọ gbígbọ̀n rẹ̀ ní ètè àti ní imú dípò ọ̀fun, lẹ́yìn náà sí "ọmọ mi", "mo mọ̀", lẹ́yìn náà sí ìpolówó ọjà rẹ̀ gan-an. Ibi ìkẹyìn yìí ni iṣẹ́ sábà ń bàjẹ́, nítorí pé ohùn tí ó dára nínú yàrá tí ó dákẹ́ máa ń padà sí ti àtijọ́ bí fèrè gbákà bá ti dún. Olùtọ́jú tí ó mọṣẹ́ yóò wá gbé ariwo ọjà sórí fóònù, yóò sì ní kí ó polówó nínú rẹ̀; yóò tún ní kí ó rìn sún mọ́ oníbàárà tàbí kí ó pàtẹ́wọ́ kí ó tó lanu.

Ìpàdé bíi mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ni ó sábà ń tó kí wọ́n tún fi kámẹ́rà wò ó. Nódúùlù tí kò tíì pẹ́ a máa fọ́n lọ, èyí tí ó ti le láti ọdún pípẹ́ lè kù síbẹ̀, kí ohùn sì dára tó fún iṣẹ́ síbẹ̀síbẹ̀. Nódúùlù tí wọ́n bá gé láìtún ọ̀nà ohùn ṣe lè padà hù. Pólíìpù kékeré lè fọ́n lọ pẹ̀lú ìtọ́jú yìí, ṣùgbọ́n èyí tí ó tóbi sábà ń gba iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n ń ṣe gba ẹnu lábẹ́ oògùn akunnilóorun, pẹ̀lú awò tí ń mú nǹkan tóbi. Aláìsàn yóò wá dákẹ́ pátápátá fún ọjọ́ mélòó kan. Kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìkẹ́lẹ́ tí a fi ipá sọ ń fún gògóńgò pọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sítírọ́ọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀, kí ó tó di pé ó padà sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, àti níkẹyìn kí ó tó padà sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà.