Saínáìdì inú ẹ̀gẹ́ àti bí ìtọ́jú oúnjẹ ṣe ń dín in kù

Kókó ọ̀rọ̀

• Ẹ̀gẹ́ tútù ní èròjà kan nínú tó lè tú saínáìdì, tí í ṣe májèlé líle, jáde.
• Sísè nìkan kò tó láti mú májèlé yìí kúrò nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi tàbí kí a rin ín, kí iná tó kàn án.
• Nínú míọ́ndò, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ àwọn ará Duálá ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ fi wà nínú omi ni ààbò tó tóbi jù lọ.
• Ẹni tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ tí a kò tọ́jú tán, tí kò sì rí ẹja, ẹran tàbí ẹ̀wà jẹ, lè ní àìsàn kọ́ńsò, èyí tí ń sọ ẹsẹ̀ méjèèjì di aláìlera títí láé.

Ìdí tí ẹ̀gẹ́ fi ní májèlé nínú

Igi ẹ̀gẹ́ kò lè sá fún kòkòrò tàbí ẹranko tó fẹ́ jẹ ẹ́, nítorí náà ó ń gbé ohun ìjà sínú ara rẹ̀. Ohun ìjà náà ni lìnámárìnì, èròjà tí ṣúgà àti saínáìdì so pọ̀ mọ́ra nínú rẹ̀. Àpò kékeré inú sẹ́ẹ̀lì ni ẹ̀gẹ́ ń kó o pamọ́ sí. Lára ògiri sẹ́ẹ̀lì ni énsáìmù kan tí a ń pè ní lìnámárésì wà. Àwọn méjèèjì kì í pàdé níwọ̀n ìgbà tí nǹkan kan kò bá pa ẹ̀gẹ́ náà lára. Ṣùgbọ́n bí eku bá gé e jẹ, tàbí tí ọ̀bẹ kàn án, àpò náà yóò ya. Énsáìmù yóò gé ṣúgà kúrò lára lìnámárìnì, saínáìdì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde.

Ìwọ̀n májèlé yìí kì í ṣe ọ̀kan náà nínú gbogbo ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ dídùn kì í sábà ní ju 50 mílígíráàmù lọ nínú kílò kan. Ẹ̀gẹ́ kíkorò lè ní 100, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọ̀dá pẹ̀lú máa ń mú kí ó pọ̀ sí i.

Ohun tó ń lé májèlé jáde

Ọgbẹ́ tó ń tú saínáìdì sílẹ̀ náà ni ọ̀nà tí a fi ń lé e lọ. Saínáìdì tó ti tú sílẹ̀ kì í dúró pẹ́. Ó ń yòrò sínú omi, ó sì ń di afẹ́fẹ́ nígbà tí ooru bá tó nǹkan bí 26 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ooru tí kò ṣọ̀wọ́n ní Duálá. Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe oúnjẹ ni láti fọ́ ẹ̀gẹ́ náà, kí ó fún énsáìmù ní àkókò tó tó, kí ó sì jẹ́ kí omi àti afẹ́fẹ́ gbé májèlé lọ.

Èyí ni ìdí tí kò fi dára kí a gbé odidi ẹ̀gẹ́ kíkorò sínú omi tó ń hó. Omi gbígbóná yóò pa énsáìmù kí ó tó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n lìnámárìnì kì í bàjẹ́ nínú omi híhó. Ẹ̀gẹ́ náà yóò rọ̀, májèlé rẹ̀ yóò sì ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Nínú ara ẹni tó jẹ ẹ́, díẹ̀ lára rẹ̀ lè wá tú jáde.

Àpẹẹrẹ kan: míọ́ndò

Míọ́ndò jẹ́ ẹ̀gẹ́ tí a lọ̀, tí a yí ní tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, tí a fi ewé dì, tí a sì fi okùn so pọ̀. Bóbólò jọ ọ́, ṣùgbọ́n ó nípọn jù ú lọ.

A ó bó ẹ̀gẹ́ náà. Èèpo ni a kọ́kọ́ ń dà nù, nítorí májèlé inú rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ ju ti inú ẹ̀gẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà, a ó rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú omi ń mú kí ó kan, wọ́n sì ń tú ògiri sẹ́ẹ̀lì palẹ̀, tí énsáìmù àti lìnámárìnì fi ń pàdé jákèjádò ẹ̀gẹ́ náà. Púpọ̀ nínú májèlé ń bá omi náà lọ, nítorí náà a ó da omi ọ̀hún nù.

Nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá ti rọ̀, a ó yọ okùn àárín rẹ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó sì lọ̀ ọ́ kúnná. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí. Nínú ẹ̀gẹ́ tó ti kan, díẹ̀ lára májèlé máa ń wà ní ipò àárín: ó ti kúrò ní lìnámárìnì, kò sì tíì di afẹ́fẹ́, nítorí kíkan ń dá a dúró. Ooru ni ó ń tú u ká. Sísè míọ́ndò nínú ewé ń ṣe iṣẹ́ yìí, bí yíyan gàrí nínú agbada ṣe ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìṣirò kan. Ọmọ tó wọn kílò 15 jẹ 300 gíráàmù ẹ̀gẹ́ kíkorò tó ní 100 mílígíráàmù nínú kílò kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá tú jáde nínú ara rẹ̀, ó ti gba 30 mílígíráàmù, ìyẹn 2 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan. Láti 0.5 sí 3.5 fún kílò ara ni ó lè pa ènìyàn. Bí ọmọ kan náà bá jẹ 300 gíráàmù gàrí tó bá ìlànà àgbáyé mu, èyí tí kò gbọ́dọ̀ ní ju 2 mílígíráàmù nínú kílò kan, kò ní gba ju 0.6 lọ lápapọ̀.

Ibi tí ewu ti ń wọlé

Ìkánjú ni ó sábà máa ń fa á: ebi, àìtó omi, tàbí ọjà tó ń dúró. Ní 1981, ní agbègbè Nàmpúlà ní Mòsáḿbíìkì, ọ̀dá mú kí àwọn ènìyàn máa jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò tí wọn kò tọ́jú tó. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tí kọ́ńsò mú, àwọn obìnrin àti ọmọdé ni ó sì pọ̀ jù. Ní ìlà-oòrùn Kamẹrúùnù pẹ̀lú, a ti rí kọ́ńsò láàárín àwọn tó sá àsálà wá láti Orílẹ̀-èdè Àárín Gbùngbùn Áfíríkà.

Ọwọ́ ni a fi ń mọ ẹ̀gẹ́ tó ti rẹ tó. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò fọ́ láàárín ìka títí dé àárín rẹ̀, okùn inú rẹ̀ yóò sì fà yọ ní ìrọ̀rùn. Bí àárín rẹ̀ bá ṣì le, kí a dá a padà sínú omi. Kíkan nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti tó.

Bí ó bá jẹ́ ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ni a ń fura sí, a lè fi omi pò ó, kí a tẹ́ ẹ pẹẹrẹ, kí ó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. A ó fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì nínú oòrùn tàbí márùn-ún lábẹ́ ibòji, a ó sì sè é lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun tí òṣìṣẹ́ ìlera yóò wò

Bí májèlé bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, orí fífọ́, òòyì, èébì àti mímí kíákíá lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Bí èyí bá mú ju ẹnì kan lọ nínú ilé tó jẹun pọ̀, kí a béèrè nípa ẹ̀gẹ́, kí a sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara.

Ní ti kọ́ńsò, ẹsẹ̀ méjèèjì máa ń le lójijì, bóyá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n aláìsàn ṣì máa ń mọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀. Kì í sábà burú sí i lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní oògùn tí ń wò ó sàn. Kí a béèrè iye ọjọ́ tí wọ́n fi rẹ ẹ̀gẹ́ àti ohun tí wọ́n fi jẹ ẹ́. Ara ń lo èròjà súfọ̀ inú ẹja, ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà láti sọ saínáìdì di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tí yóò sì bá ìtọ̀ jáde. Ẹni tó ń jẹ míọ́ndò pẹ̀lú ẹja ní ààbò tí ẹni tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ lásán kò ní. Síbẹ̀, ẹja kò lè rọ́pò ọjọ́ tó yẹ kí ẹ̀gẹ́ lò nínú omi.