Ta Ló Ni Adìyẹ Náà? Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìwé Ìdókòwò Oko Wò

Ìdílé kan nínú ẹgbẹ́ wa gbé ìwé kan wá bá wa. Wọ́n ní kí wọ́n fi 2,000 dọ́là sí oko adìyẹ nílé, kí wọ́n sì gba owó wọn padà pẹ̀lú èrè 25 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Owó ilé-ìwé ọmọ ni wọ́n fẹ́ yọ fi ṣe é. A jókòó tì wọ́n, a ka ìwé náà láti òkè délẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2020

Láti ìgbà tí Farmcrowdy ti bẹ̀rẹ̀ ní 2016 ni irú òwò yìí ti gbilẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á dá owó jọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ilé-iṣẹ́ á fi ra irúgbìn, ajílẹ̀ tàbí ọmọ adìyẹ fún àgbẹ̀. Bí wọ́n bá tà tán, wọ́n á san owó àti èrè. Ní 2020, Thrive Agric, ọ̀kan nínú àwọn tó lókìkí jù, kò lè sanwó lásìkò. Wọ́n ní àrùn Kòrónà ló da ọjà rú. Oṣù gorí oṣù ni ọ̀pọ̀ olówó fi dúró. Ẹ jẹ́ ká rántí pé kò dìgbà tó bá jẹ́ jìbìtì kí owó tó há. Bí oníbàárà tó ra irè oko bá pẹ́ sanwó, ó ti tó.

Lọ́wọ́ ta ni dúkìá wà?

Àkọlé ìwé náà sọ pé a ó “ra adìyẹ”. Ṣùgbọ́n nínú rẹ̀, kò sí iye adìyẹ, kò sí orúkọ oko, ilẹ̀ sì jẹ́ ti ẹlòmíràn tí wọ́n háyà. Nítorí náà, gbèsè lásán ni wọn yóò jẹ wá. Bí ilé-iṣẹ́ bá wó, báńkì tó gba ohun ìdógò ni yóò kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Ẹ̀yìn ni àwa máa tò sí.

Ẹ fi wé ti ìhín. Bí a bá dá owó ra oko ní Georgia, LLC kan ni wọ́n sábà máa ń dá sílẹ̀ fún oko yẹn nìkan, àwa a sì ní ìpín nínú rẹ̀. Ìwé ilẹ̀ rẹ̀ wà ní ọ́fíìsì akọ̀wé ilé-ẹjọ́ Superior Court; ti Gwinnett wà ní Lawrenceville, ẹnikẹ́ni ló sì lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní Nàìjíríà, òfin tí SEC gbé jáde ní 2021 ní kí ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ forúkọ sílẹ̀, kí owó tí wọ́n gbà sì wà lọ́wọ́ olùtọ́jú owó tí SEC mọ̀. Ìwé tiwa ní kí a san án sí àkáǹtì ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ la ti ní kí ìdílé náà dúró.

Wọ́n tún kọ ọ́ pé àwọn ti ṣe ìbánigbófò. Ẹ béèrè ìwé rẹ̀. Orúkọ ta ló wà níbẹ̀? Ìbánigbófò oko lè san owó adìyẹ tí àrùn tàbí iná pa. Kò sábà san owó nítorí pé oníbàárà kò sanwó.

Níbo ni èrè ti ń wá?

Adìyẹ ẹran máa ń tó tà láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, oúnjẹ rẹ̀ ló sì ń jẹ owó jù. Tí oúnjẹ bá wọ́n, èrè á dín. Ẹni tó bá ní 25 ni òun yóò san, adìyẹ ìbáà kú, ìbáà yè, kì í ṣe èrè oko ló ń pín. Bí oko kò bá mú un wá, yóò wá a níbòmíràn, bóyá nínú owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ gba ìṣirò ọdọọdún tí ayẹ̀wé-owó ti yẹ̀ wò. Ẹ wò ó bóyá owó tó wọlé láti ọwọ́ oníbàárà tó èyí tí wọ́n san fún olùdókòwò. Bí kò bá tó, tó sì jẹ́ owó olùdókòwò tuntun ló dí i, ẹ sá.

Ẹ má gbàgbé náírà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi ₦460 ní báńkì, nítorí náà 2,000 dọ́là jẹ́ ₦920,000. Èrè 25 sọ ọ́ di ₦1,150,000. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún náà, dọ́là kan kọjá ₦750. Kódà ní ₦750, nǹkan bíi 1,533 dọ́là péré ni owó náà. Oko sanwó, ilé-iṣẹ́ kò purọ́, síbẹ̀ a pàdánù 467 dọ́là.

Ìdílé náà kọ lẹ́tà: ẹ fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ yín ní SEC, orúkọ olùtọ́jú owó, àti ìṣirò ọdún tó kọjá ránṣẹ́ sí wa. Títí di bí a ti ń kọ èyí, èsì kò dé. Owó ilé-ìwé ọmọ ṣì wà ní báńkì.