Sátífíkéètì Oṣù Mẹ́ta àti Ọ̀nà ICAN: Lẹ́tà sí Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Òkìtìpupa

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí ìwé rẹ gbà, mo sì dúpẹ́ pé o béèrè kí o tó sanwó. O ní ọ̀gá rẹ ní ilé epo pupa tó wà ní Ìlútìtun ti gbà ọ́ sídìí ìwé owó, àti pé àwọn kan ní kí o wá ṣe ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta kí o gba sátífíkéètì. Ọ̀rẹ́ rẹ ní tirẹ̀ ní kí o má fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn, ICAN ló yẹ kí o bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń sọ, àmọ́ iṣẹ́ kan náà kọ́ ni wọ́n ń sọ.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ báyìí ni kí o kọ́kọ́ wò. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ra epo pupa lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń gbé e wá láti Ìrèlé àti Ìkọ̀yà, ìwọ lo ń kọ iye kẹ́ẹ̀gì, iye owó, ẹni tó gbowó àti ẹni tó jẹ gbèsè. Ní ìparí oṣù, o gbọ́dọ̀ mọ iye tó kù ní báńkì. Ká ní ìwé tìrẹ sọ pé ₦1,846,500 ló wà níbẹ̀, tí ìwé tí báńkì fi ránṣẹ́ sì sọ pé ₦1,912,000 ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á pariwo pé owó ti sọnù, tàbí pé báńkì ti ṣàṣìṣe. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ kò ní pariwo. Á jókòó, á fi ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, á máa sàmì sí ohun tó bára mu lọ́kọ̀ọ̀kan, títí á fi ku ohun tí kò bára mu. Yóò rí i pé ṣẹ́ẹ̀kì ₦80,000 tí ẹ fún onímọ́tò kò tíì dé báńkì, torí náà báńkì kò tíì yọ ọ́. Yóò tún rí i pé báńkì ti yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀, ₦14,500, tí ìwọ kò sì tíì kọ ọ́ sílẹ̀. Yọ ₦80,000 kúrò nínú ti báńkì, ó di ₦1,832,000. Yọ ₦14,500 kúrò nínú tìrẹ, ó di ₦1,832,000. Wọ́n pàdé. Láti ìgbà yẹn lọ, o lè fọwọ́ sọ̀yà níwájú ọ̀gá rẹ.

Irú iṣẹ́ yìí gan-an ni sátífíkéètì kúkúrú yẹ kó kọ́ ọ. Mo ní "yẹ" nítorí pé gbogbo wọn kọ́ ló ń kọ́ ọ. Kí o tó san kọ́bọ̀, béèrè lọ́wọ́ wọn pé ṣé wọn yóò jẹ́ kí o to ìwé owó ilé-iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí oṣù pẹ̀lú ọwọ́ rẹ, kì í ṣe kí olùkọ́ máa kọ ọ́ sójú pátákó. Béèrè pé ṣé ẹ ó fi ìwé báńkì àti ìwé ilé-iṣẹ́ wé ara wọn bí mo ṣe ṣe é yìí. Béèrè ohun tí ẹ ó ṣe nígbà tí àpapọ̀ ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún kò bá dọ́gba. Ẹni tó mọṣẹ́ á sọ fún ọ pé kí o kọ́kọ́ wo bóyá ìyàtọ̀ náà ṣeé pín sí mẹ́sàn-án láìkù. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ ₦74,000, tó wá kọ ₦47,000, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦27,000, mẹ́sàn-án sì wọ inú rẹ̀ gẹ́ẹ́. Ó fi hàn pé ẹnì kan ti ṣi nọ́ńbà kọ, ó fi èyí tó yẹ kó ṣáájú sẹ́yìn. Tí ó bá sì ṣeé pín sí méjì, wá iye tó jẹ́ ìdajì rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kọ ọ́ sí apá tí kò yẹ. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá lè dá ọ lóhùn lórí èyí, tó kàn ń fi orúkọ ńlá àti aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́-jáde fà ọ́, fi wọ́n sílẹ̀. Tí wọ́n bá sì dáhùn dáadáa, tí wọ́n tún kọ́ ọ ní Excel àti QuickBooks, má ṣe rò pé ọ̀nà kúkúrú ni, iṣẹ́ gidi ni.

Ibi tí sátífíkéètì náà pin sí ni mo fẹ́ kí o mọ̀. Ká ní ọ̀gá rẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ ìfúnpo tuntun, ó lọ sí báńkì, báńkì wá ní kó gbé ìwé owó ọdún tó ti ní ìbuwọ́lù ọ́dítọ̀ wá. Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, síbẹ̀ ìwọ kọ́ lo máa fọwọ́ sí i. Òfin kò gbà á. Ẹgbẹ́ méjì péré ni òfin Nàìjíríà fún láṣẹ lórí iṣẹ́ akáǹtáǹtì. ICAN ni òfin ọdún 1965 dá sílẹ̀, Akíntọ́lá Williams sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni tó gba àmì akáǹtáǹtì ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, tó sì dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní 1952. ANAN ni èkejì, tí òfin rẹ̀ jáde ní 1993. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ ni pé ẹni tó ti di ọmọ ẹgbẹ́ pàápàá kò lè jí láàárọ̀ kó máa fọwọ́ sí ìwé àwọn ẹlòmíràn. Ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà kó tó lè dá dúró bí ọ́dítọ̀. Torí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi oṣù mẹ́ta ṣèlérí fún ọ pé o máa di "ṣátádì akáǹtáǹtì", irọ́ ni.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí náà, nítorí agbègbè wa ni o ti ń ṣiṣẹ́. Òfin Ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 ní ilé-iṣẹ́ kékeré kò nílò ọ́dítọ̀ ní dandan, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju mílíọ̀nù 120 náírà lọ, tí ohun ìní rẹ̀ lẹ́yìn gbèsè kò sì ju mílíọ̀nù 60 lọ, pẹ̀lú àwọn ìlànà mìíràn. Wo àwọn tó ń ta pupuru àti gaàrí káàkiri Ìkálẹ̀, wo àwọn onílé epo pupa, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni. Ọ̀pọ̀ wọn wà lábẹ́ ìwọ̀n yìí. Ọ́dítọ̀ kọ́ ni wọ́n ń wá lójoojúmọ́, ẹni tó lè kọ ìwé owó tí kò ní parọ́ ni. Nítorí náà, ẹni tó mọ ìwé owó kọ dáadáa kò ní ráhùn iṣẹ́ níbí. Ilé-iṣẹ́ ọ̀pẹ ńlá tó wà nílùú wa yàtọ̀: ilé-iṣẹ́ tí ará ìlú ní ìpín nínú rẹ̀ ni, ọ́dítọ̀ di dandan fún irú rẹ̀.

Kí ni mo wá rí fún ọ? Ọ̀nà kan wà láàárín méjèèjì tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún ọ, òun ni ATSWA, ìdánwò àwọn akáǹtáǹtì olùrànlọ́wọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ akáǹtáǹtì ní Nàìjíríà, Gánà, Sàró àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ ń ṣe. ICAN ló ń bójú tó o ní ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá ní krẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú rẹ̀, lè wọlé, ìwọ sì ní wọn. Ìpele mẹ́ta ló ní, ìdánwò mẹ́rin ní ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń ṣe é ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án. Tí o bá ṣe ìpele kan nígbà kọ̀ọ̀kan láìfìdí rẹmi, ọdún kan àtààbọ̀ tó ọ. Ìpele kìíní á fún ọ ní ìpìlẹ̀ ìṣirò owó, ètò ọrọ̀ ajé, òfin òwò àti bí a ṣe ń kọ̀wé. Ní ìpele kẹta, owó orí, iye tí ọjà ná wa àti àyẹ̀wò ìwé owó wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí sátífíkéètì oṣù mẹ́ta ni pé ICAN fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n, o lè ti ibẹ̀ wọ ìdánwò ICAN gan-an, o kò sì ní fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí o tó lè kà á.

ICAN fúnra rẹ̀ ní ìpele mẹ́ta pẹ̀lú, èyí tó gbẹ̀yìn nínú ìdánwò rẹ̀ sì jẹ́ ìtàn ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n á gbé fún ọ kí o gba ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà nímọ̀ràn lórí ìwé. Lẹ́yìn ìdánwò, wọ́n á tún béèrè ọdún mẹ́ta tí o ti fi ṣe iṣẹ́ tó jọ mọ́ ọn. Máàkì 50 nínú 100 ni wọ́n ń béèrè nínú ìdánwò kọ̀ọ̀kan, kò sì rọrùn bí ó ṣe dún. Ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó jáde ní yunifásítì tí ICAN fọwọ́ sí kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìpele ìpìlẹ̀. Tí o bá fẹ́ lọ sí Àkùngbá tàbí Pólì Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ iwájú, béèrè pé ṣé ICAN ti fọwọ́ sí ẹ̀ka náà ní ọdún tí o fẹ́ wọlé, kí o sì rí i lórí ìwé kí o tó gbà á gbọ́. ANAN ní tirẹ̀ nílò oyè tàbí HND, kí o sì tún lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ní Kwall, lẹ́bàá Jos. Ìyẹn kò kàn ọ́ báyìí.

Ohun tí mo ń sọ kò ju pé kí o yan ATSWA fún oṣù Kẹta tó ń bọ̀, kí o sì wá ẹni tó máa kọ́ ọ ní Excel ní ìrọ̀lẹ́. Sátífíkéètì oṣù mẹ́ta yẹn, ṣe é nìkan tí wọ́n bá dáhùn àwọn ìbéèrè tí mo kọ sókè yìí, tí owó rẹ̀ kò sì ní gba owó ìdánwò lọ́wọ́ rẹ. Tí o bá ti ṣe ìpele kejì, tí ìṣirò owó ṣì ń dùn mọ́ ọ lẹ́yìn iṣẹ́, ìgbà náà ni kí a jọ sọ̀rọ̀ ICAN. Tí kò bá dùn mọ́ ọ mọ́, o ti ní iṣẹ́ tí gbogbo olówò ní Ìkálẹ̀ á sanwó fún, kò sí ẹni tó máa bá ọ wí.

Kí o tó forúkọ sílẹ̀, wo èsì WAEC rẹ àti ìwé ọjọ́ ìbí rẹ bóyá orúkọ rẹ bára mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Mo rántí pé wọ́n fi lẹ́tà kan sílẹ̀ nínú orúkọ bàbá rẹ. Tètè ṣe àtúnṣe rẹ̀, torí kóòtù àti ìwé ìròyìn máa ń gba àkókò. Ìwé ìpele kìíní wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lò ó. Wá mú un lọ́jọ́ Sátidé, kí o sì mú ìwé owó oṣù tó kọjá wá ká jọ wò ó. Bá mi kí ìyá rẹ.

Èmi ni,
Àbúrò ìyá rẹ obìnrin