Amúkójọ, àti Ibi tí C Ti Ń Wọlé nínú Ọ̀mì Oníyìípadà

Ọ̀mì ni a ń pe gbólóhùn ìdọ́gba nínú ìṣirò. Bí ohun tí a ń wá bá wà nínú ọ̀mì pẹ̀lú ìwọ̀n ìyípadà tirẹ̀, ọ̀mì oníyìípadà ni. Bí ó bá jẹ́ ìyípadà ẹ̀ẹ̀kan péré ni, tí ó sì jẹ́ pé iye tí kò ní ohun tí a ń wá nínú nìkan ni ó ń sọ àwọn méjèèjì di púpọ̀, a lè pè é ní onílà tààrà, ìpele kìíní. Báyìí ni a ṣe ń kọ ọ́:

dy/dx + P(x)y = Q(x)

Kí ọ̀rọ̀ má baà dá lé lẹ́tà nìkan, ẹ jẹ́ kí a wo àgbá kan tí 100 líta omi aláìníyọ̀ wà nínú rẹ̀. Omi iyọ̀ ń wọ inú àgbá yìí, 5 líta ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, gíráàmù iyọ̀ 2 sì wà nínú líta kọ̀ọ̀kan. A ń po omi náà pọ̀ dáadáa, 5 líta àdàlú sì ń jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí S bá jẹ́ gíráàmù iyọ̀ tí ó wà nínú àgbá lẹ́yìn ìṣẹ́jú t, gíráàmù 10 ni ó ń wọlé, ìdá kan nínú 20 S sì ni ó ń jáde. Nítorí náà:

dS/dt + S/20 = 10

Apá òsì kì í ṣe ìyípadà ohun kan ṣoṣo. Ohun méjì ni ó tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. A nílò ohun kan tí yóò sọ wọ́n di ọ̀kan, kí a lè ṣe ìkójọ, èyí tí í ṣe òdì-kejì wíwá ìyípadà. Ohun náà ni amúkójọ. Láti rí i, a ó kó P jọ, a ó sì gbé e lé orí e: 1/20 di t/20, amúkójọ sì di e^(t/20). Ìyípadà e^(t/20) ni òun fúnra rẹ̀ tí a fi 20 pín. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, bí a bá fi í sọ ọ̀tún àti òsì di púpọ̀, gbogbo apá òsì yóò di ìyípadà ohun kan:

d/dt [S e^(t/20)] = 10 e^(t/20)

A wá kó ọ̀tún àti òsì jọ. Níhìn-ín gan-an ni C ti ń wọlé:

S e^(t/20) = 200 e^(t/20) + C

Lẹ́yìn èyí ni a ó tó fi amúkójọ pín gbogbo rẹ̀, C náà kò sì gbọ́dọ̀ yọ sílẹ̀ nínú ìpín náà:

S = 200 + C e^(–t/20)

Nígbà tí t jẹ́ 0, kò sí iyọ̀ nínú àgbá. C jẹ́ –200. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, nǹkan bí gíráàmù 126 ni yóò wà níbẹ̀, iye náà yóò sì máa súnmọ́ 200 láìdé ibẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbàgbé C títí ó fi pín tán yóò kọ S = 200 + C. Nígbà tí t jẹ́ 0, C tirẹ̀ náà yóò jẹ́ –200, S yóò sì jẹ́ 0 títí láé. Omi iyọ̀ ń ya wọ inú àgbá, síbẹ̀ ìṣirò ní kò sí iyọ̀ kankan níbẹ̀! Bí a bá dá S = 200 + C padà sínú ọ̀mì, ìyípadà rẹ̀ jẹ́ 0, apá òsì sì di 10 + C/20. Èyí kò lè jẹ́ 10 àfi bí C bá jẹ́ 0.

Ó ṣeé ṣe kí èdè ìkọ́ni wà lára ohun tí ó ń fa àṣìṣe yìí. Olùkọ́ tí ó bá ní, ‘Ẹ fi C kún un ní ìparí,’ ti sọ C di èènì, ohun tí olùtajà ń bu sí i lẹ́yìn tí ó ti wọn ọjà tán. C kì í ṣe èènì. Inú òṣùwọ̀n ni ó wà. Gbólóhùn tí ó yẹ olùkọ́ àti olùtumọ̀ ni, ‘Níbi tí ẹ bá ti kójọ, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ C.’

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣebí a kójọ nígbà tí a ń wá amúkójọ pẹ̀lú, kí ló dé tí a kò kọ aláìyípadà kankan níbẹ̀? Bí a bá kọ t/20 + k, amúkójọ yóò di e^k lọ́nà e^(t/20). Iye e^k yìí kì í ṣe 0, ọ̀tún àti òsì ni ó sì ń sọ di púpọ̀, nítorí náà a lè fi pín in kúrò láìsí ewu. Amúkójọ kan ṣoṣo ni a ń wá, èyíkéyìí ni yóò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo S tí ó bá ọ̀mì mu ni a ń wá ní ìgbà kejì, C ni ó sì ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ó ku ìkìlọ̀ kan. Bí a bá kọ ọ̀mì kan náà báyìí, 20 dS/dt + S = 200, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi 20 pín in. Ẹni tí kò bá pín in yóò rò pé P jẹ́ 1, yóò sì mú e^t. Kí ó tó kójọ, kí ó wá ìyípadà S e^t wò: e^t dS/dt + S e^t ni yóò rí, nígbà tí 20 e^t dS/dt + S e^t wà nínú ọ̀mì tirẹ̀.