Owó Oṣù Ńlá Tàbí Owó Oṣù Tó Dájú: Èwo Ni Ká Mú?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ wa ní Kánò máa ń bi wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ilé iṣẹ́ méjì fẹ́ gba ènìyàn kan. Èkíní fẹ́ san owó ńlá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò múlẹ̀. Èkejì kò san tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jẹ òṣìṣẹ́ lówó. Èwo ni kó mú?

Ẹ jẹ́ kí a fi oníṣẹ́ iná kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ilé iṣẹ́ oníke kan ní Ṣàràdá kọ ₦180,000 lóṣù sínú lẹ́tà tó fún un, tí ilé ìwòsàn kan sì kọ ₦120,000. Iye tó wà nínú lẹ́tà kọ́ ni ènìyàn ń ná. Iye tó bá dé ọwọ́ ni. Nítorí náà, ọdún ni kí á fi ṣírò, kì í ṣe oṣù.

Ilé ìwòsàn yóò san ₦120,000 lẹ́ẹ̀méjìlá, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,440,000. Bí a bá pín èyí sí ọ̀nà ₦180,000, oṣù mẹ́jọ ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ilé iṣẹ́ oníke bá san oṣù mẹ́jọ péré nínú méjìlá, ọgbọọgba ni àwọn méjèèjì. Bí ó bá san méje, ẹni tó lọ síbẹ̀ ti pàdánù.

A kò tíì ka owó ìfẹ̀yìntì. Òfin ọdún 2014 sọ pé ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ yọ ₦8 nínú ₦100 owó òṣìṣẹ́, kí òun náà fi ₦10 kún un, ó kéré tán, kí ó sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tó bá san owó oṣù. Ká gbà pé gbogbo owó oṣù ọmọ yìí ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ilé ìwòsàn yóò máa fi ₦12,000 kún un lóṣooṣù, ọdún kan yóò sì di ₦1,584,000. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn lè yọ ₦14,400 lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, kó má sì fi ránṣẹ́ síbì kankan. Ohun tó kù sí i lọ́wọ́ jẹ́ ₦165,600. Oṣù mẹ́sàn-án irú rẹ̀ jẹ́ ₦1,490,400, kò tó ti ilé ìwòsàn. Àfi kó san oṣù mẹ́wàá kó tó borí.

Báwo ni a ó ṣe mọ iye oṣù tí wọn yóò san? Ẹ má bi ọ̀gá tó ń gba ènìyàn síṣẹ́. Ẹ lọ jẹun lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ tó wà lẹ́nu géètì. Òun ló ń tà fún òṣìṣẹ́ láwìn, ó sì mọ ọjọ́ tí owó wọlé kẹ́yìn. Bí ó bá ti dá àwìn dúró, ọ̀rọ̀ ti tán. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ òṣìṣẹ́ kan kó fi àkọsílẹ̀ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ hàn yín. Bí owó bá ti dẹ́kun láti máa wọ ibẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ilé iṣẹ́ náà ti ń ná owó òṣìṣẹ́. Bákan náà, bí àwọn tó ń kó ọjà wá bá ń gba owó kí wọ́n tó já ẹrù, àwọn náà ti rí ohun kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà lẹ́yìn odi ju ẹni tó wà nílé lọ. Owó ilé tí à ń san lọ́dọọdún kì í dúró de owó oṣù tí kò wọlé, mọ̀lẹ́bí sì jìnnà. Àwọn tó gbé Kàdúná lọ́dún 2007 kò gbàgbé bí ilé iṣẹ́ aṣọ ńlá kan ṣe ti ilẹ̀kùn, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì fi ọdún púpọ̀ retí ẹ̀tọ́ wọn.

Síbẹ̀, a kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn sá fún owó ńlá. Bí ọ̀dọ́ náà kò bá tíì ní ìyàwó, tó ní owó oúnjẹ àti owó ilé oṣù mẹ́fà nípamọ́, tí yóò sì kọ́ ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ mìíràn ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó lè lọ. Ṣùgbọ́n kó ti pinnu rẹ̀ kó tó wọlé pé bí owó oṣù méjì bá ti so pọ̀ láìsan, òun yóò kúrò. Ẹni tó ń dúró nítorí gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́, gbèsè náà ló máa ń pọ̀ sí i.

Ti oníṣẹ́ iná wa yìí ńkọ́? Ká ní ó ní ìyàwó àti ọmọ méjì, ìyá olóúnjẹ sì sọ fún un pé owó oṣù mẹ́ta ni wọn kò san lọ́dún tó kọjá. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n san nìyẹn, a sì ti rí i pé mẹ́sàn-án kò tó. Ilé ìwòsàn ni kó lọ. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.