Jẹnẹrétọ̀ àbí Sólà? Ẹ Kọ́kọ́ Ka Ẹrù Iná Ilé Yín

Bí iná bá ń lọ lálaalẹ́ ládùúgbò yín, ẹ lè máa rò ó pé ṣé kí ẹ ra jẹnẹrétọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù ni, àbí kí ẹ ra sólà pẹ̀lú ínfátà. Ẹ má tíì lọ sọ́jà. Inú ilé yín ni ẹ ti máa rí ìdáhùn. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀ ń tàn lálẹ́, agbára tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fà, àti wákàtí tí ẹ fi ń lò ó.

Ẹ wo ẹ̀yìn fáànù tàbí ara gílóòbù. Ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí lẹ́tà W tẹ̀ lé. Wáàtì nìyẹn, òun ló ń sọ agbára tí nǹkan náà ń fà. Bí fáànù oníwáàtì 60 bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8, ẹ ṣírò 60 lọ́nà 8, yóò jẹ́ 480. Bí irú àpapọ̀ bẹ́ẹ̀ bá pé 1,000, yúnìtì kan ti pé. Yúnìtì yìí náà ni ẹ̀ ń ra káàdì rẹ̀ sí mítà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ilé kan ní Ìbàdàn, ilé oníyàrá méjì àti pálọ̀, tí tọkọtaya àti ọmọ mẹ́ta ń gbé. Bó bá di aago méje alẹ́, iná ti lọ, ó di àárọ̀ kó tó dé. Gílóòbù mẹ́rin tó jẹ́ wáàtì 10 ń tàn fún wákàtí 5: 200. Fáànù ń yí fún wákàtí 8: 480. Tẹlifíṣọ̀n àti díkódà, wáàtì 65, fún wákàtí 4: 260. Fóònù tí wọ́n ń ṣáàjì: 60. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,000, ìyẹn yúnìtì kan lálẹ́ kan. Bí wọ́n bá tan gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pàápàá, kò tó wáàtì 200.

Ilé yìí lè lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a máa ń gbé lọ́wọ́ kan. Agbára rẹ̀ ju ẹrù tí wọ́n ní lọ dáadáa, ibẹ̀ gan-an sì ni owó ti ń ṣòfò. Bí ẹ tan gílóòbù kan, bí ẹ tan mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa yí, kò sì ní yéé mu epo. Ó lè mu bíi lítà mẹ́ta láàárín wákàtí 5. Bí wọ́n bá pa á láago méjìlá òru, fáànù náà á dúró, ooru á sì mú àwọn ọmọ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ká ní ó ń ṣiṣẹ́ ní alẹ́ 20 lóṣù. Lítà 60 nìyẹn. Bí lítà kan bá jẹ́ ₦900, ó di ₦54,000 lóṣù, láìka ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì àti owó mẹkáníìkì. Iye lítà kì í sì í dúró sójú kan. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà kan kò tó ₦200 nílé epo ní Èkó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti kọjá ₦480. Iye tí wọ́n ń tà á ládùúgbò yín lónìí ni kí ẹ fi ṣírò.

Ohun kan wà tó ju owó lọ. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní afẹ́fẹ́ kan nínú tí kò láwọ̀, tí kò sì lóòórùn, òun ni wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti sùn kì í mọ̀ rárá, ó lè má jí mọ́. Nítorí ìbẹ̀rù olè, àwọn kan máa ń gbé e sí kọ́ríidọ̀ tàbí kíṣìnì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é láé, kódà bí fèrèsé bá ṣí sílẹ̀. Ìta gbangba ni kó wà, kó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí ẹnu sàláńsà rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí ilé. Ẹ fi ṣéènì dè é mọ́ ibẹ̀.

Sólà ńkọ́? Páànẹ̀lì ń gba oòrùn, kọ̀ntírólà ń darí agbára rẹ̀ sínú bátìrì, ínfátà sì ń sọ ọ́ di irú iná tí ilé ń lò. Bátìrì ni ẹ gbọ́dọ̀ fojú tó jù. Èyí tó jẹ́ fóòtì 12, tí wọ́n kọ 200Ah sí lára, ń gba 12 lọ́nà 200, ìyẹn 2,400. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bátìrì olómi tí wọ́n ń pè ní túbúlà, ìdajì rẹ̀ péré ló yẹ kí ẹ máa lò lálẹ́ kan, ìyẹn 1,200. Ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ díẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà 1,000 tí ilé Ìbàdàn yìí ń lò yóò tó 1,150 lára bátìrì. Bátìrì kan tó wọn, ṣùgbọ́n kò ṣẹ́kù púpọ̀. Lítíọ́ọ̀mù ṣeé lò jìnnà jù bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ jù, àmọ́ owó rẹ̀ pọ̀.

Ní Ìbàdàn, oòrùn tó lágbára dáadáa máa ń tó nǹkan bíi wákàtí 4 lójúmọ́. Páànẹ̀lì méjì oníwáàtì 250 yóò mú 2,000 wá. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin fún ooru, eruku àti wáyà, ó ku 1,500, bátìrì á sì kún. Ṣùgbọ́n lóṣù Keje àti Kẹjọ, tí ojú ọjọ́ ń ṣú, oòrùn yẹn lè dín sí wákàtí 3, agbára á sì di bíi 1,125. Nígbà náà, ẹ dín tẹlifíṣọ̀n kù, kí ẹ sì jẹ́ kí ínfátà gba ṣáàjì lára iná ìjọba nígbàkígbà tó bá dé. Bí òjìji ẹ̀ka máńgòrò tàbí táǹkì omi bá bo apá kan páànẹ̀lì, agbára méjèèjì lè lọ sílẹ̀.

Ohun tó máa ń pa bátìrì jù ni kí wọ́n máa lò ó gbẹ. Bó bá ti ń bàjẹ́, fáànù tó ń yí mọ́jú tẹ́lẹ̀ kò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ ó rí i pé láago méjì òru, ínfátà ti ń ké. Ẹ ra mítà kékeré tó ń ka fóòtì. Láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó ràn, ẹ pa gbogbo nǹkan, kí bátìrì sinmi díẹ̀, kí ẹ wá wò ó. Bó bá wà ní 12.1, ẹ ti lo ìdajì. Bó bá ń lọ sísàlẹ̀ 11.8 lójoojúmọ́, ẹrù ti pọ̀ jù, kò sì ní pẹ́ tó fi máa bàjẹ́.

Áyọ́ọ̀nù kò sí nínú ìṣírò yìí, torí ọ̀kan lè fa wáàtì 1,000. Fíríìjì náà kò sí, torí tọ̀sán-tòru ló ń jẹun. Ẹni tó bá fi wọ́n kún un gbọ́dọ̀ ra bátìrì àti páànẹ̀lì sí i.

Ká ní gbogbo ìnáwó sólà náà jẹ́ ₦900,000. Owó epo ₦54,000 lóṣù yóò kó o jọ láàárín bí oṣù 17. Fún ilé yìí, sólà ni kí wọ́n rà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ alẹ́ márùn-ún péré ni iná ń lọ lóṣù, owó epo kò ju ₦13,500 lọ. Ó lé lọ́dún márùn-ún kí ó tó kó sólà jọ, bátìrì á sì ti tó pààrọ̀ kó tó dìgbà náà. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè ṣì máa lo jẹnẹrétọ̀.

Ẹ mú ìwé ìṣírò yín dání bí ẹ bá ń lọ bá ẹni tó máa so sólà. Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n gbé bátìrì náà sórí ìwọ̀n. Túbúlà 200Ah tòótọ́ máa ń wúwo tó bíi kílò 55 sí 65. Bó bá fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ẹ má san owó.