Ọjọ́ Ìtẹ̀ka Físà: Kí Ló Dé Tí Ẹ̀rọ Kì Í Rí Ìka Àwọn Kan?

Ẹni tó bá ti kọ fọ́ọ̀mù físà Ìlú Ọba tán lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó sì ti sanwó, sábà máa ń ṣì ní láti lọ tẹ̀ka ní ibùdó físà, bíi ti Ìkẹjà l'Ékòó. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í pinnu ẹni tó máa rí físà gbà. Wọ́n kàn ń gba àmì ara yín ránṣẹ́ ni, torí náà ẹ má wulẹ̀ máa bẹ̀ wọ́n.

Wọ́n á yẹ pásípọ́ọ̀tù yín wò, pẹ̀lú ìwé tó fi ọjọ́ àti aago yín hàn. Wọ́n á ya yín ní fọ́tò. Ẹ ó bọ́ awò ojú, àmọ́ ẹni tó ń lo ìborí nítorí ẹ̀sìn lè fi í sílẹ̀ bí ojú rẹ̀ bá hàn dáadáa. Lẹ́yìn náà ló kan ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá: mẹ́rin ọwọ́ kan, mẹ́rin ọwọ́ kejì, àti àtàǹpàkò méjèèjì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 kì í tẹ̀ka, fọ́tò nìkan ni tiẹ̀.

Ibi ìka yìí ni wàhálà wà. Ẹ wo orí ìka yín: òkè tẹ́ẹ́rẹ́ àti kòtò ló tò síbẹ̀, láti òkè kan sí èkejì kò ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀ka máa ń tan iná sí gíláàsì láti abẹ́. Níbi tí òkè bá ti kan gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló ń padà sí kámẹ́rà, ibẹ̀ á dúdú. Inú kòtò, afẹ́fẹ́ ló wà, ìmọ́lẹ̀ á padà, ibẹ̀ á funfun. Òógùn díẹ̀ ló ń jẹ́ kí òkè lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Bí ìka bá gbẹ jù, àwọn ìlà á máa já. Bó bá tutù jù, omi á kún kòtò, gbogbo rẹ̀ á di dúdú.

Ẹ jẹ́ ká mú bíríkìlà kan, ẹni ọdún 55, tó fẹ́ lọ wo ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Sìmẹ́ǹtì ti jẹ òkè ìka rẹ̀, ó sì ti mú un gbẹ. Àmọ́ inú awọ nísàlẹ̀ ni gbòǹgbò àwọn ìlà yẹn wà, wọ́n á tún hù bí ọwọ́ bá sinmi. Kó fi sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kó máa fi òrí pa ọwọ́ lálaalẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò gbọdọ̀ fi òrí kankan (ọ̀rá á bo gíláàsì), kó kàn fọ ọwọ́, kó nù ún gbẹ. Bí àwòrán bá ṣì ṣá lójú kọ̀ǹpútà, kó fi ìka nu iwájú orí, ọ̀rá díẹ̀ tó wà níbẹ̀ tó. Kó má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi o, torí òkè á fẹ̀, á sì pa kòtò dé.

Ẹni tó gé lọ́wọ́, tàbí tí làálì ìgbéyàwó ṣì wà lórí ìka rẹ̀, ì bá dáa kó yí ọjọ́ rẹ̀ padà. Wọ́n lè ní kó lọ padà wá. Ẹni tí ìka rẹ̀ kò pé ní tirẹ̀, kó tètè sọ fún òṣìṣẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tó kù ni wọ́n á gbà.